Ọwọ́ Mẹ́sàn-án, Ìka Méjì

Ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, nínú kíláàsì kan ní Ẹ́sítéètì Abraham Adésànyà, ní Ajah. Èmi ni olùkọ́ pírámárì kejì. Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Ọ̀kan nínú wọn kọ ìdáhùn tó tọ̀nà sínú ìwé rẹ̀, mo sì fi bírò pupa gé e. Kì í ṣe pé ojú mi fò ó. Mo wò ó dáadáa, mo rí ohun tó kọ, mo sì fagi lé e. Ó ju oṣù mẹ́fà lọ kí n tó mọ̀ pé òun ló gbà. Nígbà tí mo sì mọ̀, ọmọ náà kò sí lọ́dọ̀ mi mọ́.

Ẹ̀kọ́ gígùn la wà lórí rẹ̀. Ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba kò fi ọ̀nà pamọ́ fún mi: ohun tó wà lára ọmọ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá, ìyẹn ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ìgbésẹ̀, kí ó tó kan mítà àti sẹ̀ǹtímítà. Ọwọ́ tí mo ń wí yìí ni ọwọ́ tí a nà gbalaja, láti orí àtàǹpàkò títí dé orí ọmọńdinrín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo yà sọ́tọ̀ fún ọwọ́ àti okùn nínú ètò tí mo kọ. Ogójì ìṣẹ́jú péré ni mo lò.

Ariwo ló lé mi. Mo ní kí kálukú fi ọwọ́ wọn tábìlì mi. Ẹni kan ní mẹ́jọ, ẹni kan ní mẹ́sàn-án, ẹlòmíràn ní mẹ́wàá. Wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn, ọ̀kan ń fa ọwọ́ èkejì kúrò lórí tábìlì. Wọ́n kọjú sí mi pé, “Àńtí, èwo ló gbà?” N kò mọ èyí tí màá kọ sójú pátákó. Ẹ̀rù bà mí pé bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá kọjá, á rò pé n kò ní ìkáwọ́ lórí kíláàsì mi. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní, “Ó tó. Ẹ gbé ọwọ́ yín kúrò. Ẹ mú rúlà yín jáde.”

Ìyá àgbà kan tó ń kọ́ pírámárì kìíní ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, ó ní, “Àńtí, ẹ bá jẹ́ kí wọ́n jiyàn ọ̀hún dópin. Wọn ò tíì mọ ìdí tí rúlà fi wà.” Mo dá a lóhùn pé, “Mà, àsìkò ò sí. Àwọn òbí ti ra rúlà, wọ́n á fẹ́ rí i pé à ń lò ó.” Òótọ́ ni pé wọ́n ti rà á, èmi ni mo fi sínú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n máa rà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí owó òbí ni mo ṣe sáré. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń wá, tí màá lè kọ sójú pátákó, kí n sì fi máàkì ìwé.

Rúlà fún mi ní nọ́ńbà náà. Rúlà ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ́nà mẹ́rin lórí tábìlì mi jẹ́ 120. Mo kọ 120 sójú pátákó, mo fà á lábẹ́. Mo wá ní kí kálukú wá wọn tábìlì náà, kí ó sì kọ ohun tó bá rí. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ kò tíì rí owó ra rúlà. Aránṣọ ni ìyá náà, ó ní ẹ̀rọ kan lẹ́bàá ọjà Ajah. Ọmọ náà kò sọ fún mi pé òun kò ní rúlà. Ó wá síwájú nígbà tó kàn án, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì díẹ̀, ó padà lọ jókòó, ó sì kọ nǹkan. Nígbà tí mo gba ìwé rẹ̀, 9 ni mo bá níbẹ̀, ó ya àwòrán ọwọ́ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 2, ó ya ìka méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn náà.

Mo fagi lé e. Mo gbé ìwé náà sókè, mo ní, “Ṣé ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí?” Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gba ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé e. Láti ọjọ́ náà títí tí sáà fi parí, kò nawọ́ sókè dáhùn ìbéèrè ìṣirò mọ́. Mo rò pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Lójú mi, ẹ̀kọ́ náà ń lọ dáadáa. Lójoojúmọ́ mo ń ya ìlà sínú ìwé wọn, wọ́n ń fi rúlà wọ̀n ọ́n, gbogbo wọn ń gbà á. N kò kíyè sí ohun kan tó wà nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ń fún wọn: orí ìlà kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo rúlà. Bí nǹkan bá ti ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo nígbà gbogbo, ọmọ kò nílò láti mọ ohun tó ń jẹ́ gígùn rárá. Kí ó sáà wo ibi tí ìlà parí sí, kí ó ka nọ́ńbà ibẹ̀. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kà bí ẹni ń ka nọ́ńbà ojúlé. Èmi sì ń máàkì rẹ̀ ní gbígbà.

Ìdánwò oṣù kejìlá ló tú àṣírí mi. Ẹlòmíràn ló ṣètò ìbéèrè náà. Ó ya pẹ́ńsù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà, ìdí pẹ́ńsù wà ní 3, ẹnu rẹ̀ wà ní 11. Báwo ni pẹ́ńsù yìí ṣe gùn tó? Ọmọ mẹ́tàdínlógún kọ 11. Ọmọ mẹ́fà kọ 9. Ọmọ méjì péré ló kọ 8. Ọ̀kan kò kọ nǹkan kan, ọmọ aránṣọ ni.

Àwọn tó kọ 11 ka nọ́ńbà ìparí, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn. Àwọn tó kọ 9 ni wọ́n kọ́kọ́ rú mi lójú. Nígbà tí mo pe ọ̀kan nínú wọn pé kó ṣe é lójú mi, ó fi ìka tọ 3, ó ní “oókan,” ó tọ 4, ó ní “eéjì,” bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé 11, ó sì jẹ́ mẹ́sàn-án. Àmì tó wà lára rúlà ló ń kà. Kò mọ̀ pé àyè tó wà láàárín àmì sí àmì ni ẹyọ tí à ń kà. Ta ni yóò sọ fún un? Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan rí mọ̀ ọ́n láìsí ẹni tó sọ fún un, nítorí pé kò sí ẹni tó lè ka etí ọwọ́ rẹ̀; ọwọ́ fúnra rẹ̀ ló máa kà. Mo ti gbé ọwọ́ náà kúrò lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá gba èsì, ìyá ọmọbìnrin náà dúró de ìgbẹ̀yìn. Ó ní, “Àńtí, ẹ káàsán o. Mo rí ohun tó gbà nínú ìṣirò. Ó yà mí lẹ́nu ni. Ọmọ yìí máa ń bá mi wọn aṣọ nílé.” Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní, “Ìyá, ẹ bá wa ra rúlà fún un.” Ó ní, “Ó ti yé mi, Àńtí. Ẹ ṣeun.” Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ. Ìyá náà wá sọ fún mi pé ọmọ òun mọ ohun tí mo ní kò mọ̀, mo sì fi ọ̀rọ̀ rúlà dá a lóhùn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́dún náà, ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ẹsẹ̀ tábìlì mi mì, káfíńtà kan sì wá tún un ṣe. Ó fẹ́ pààrọ̀ pákó orí rẹ̀, ó wá fa téèpù yọ. Irin kékeré tó máa ń wà lórí téèpù ti já, ó sì já tòun ti bí i sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Káfíńtà náà kò tilẹ̀ wo orí tó já yẹn. Ó fi 10 sí etí tábìlì, ó fa téèpù dé etí kejì, ó bọ́ sí 130. Ó mú pẹ́ńsù létí, ó kọ 120 sára pákó. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní, “Ọ̀gá, 130 ló wà níbẹ̀.” Ó dá a lóhùn láìgbójú sókè: “Níbo la ti bẹ̀rẹ̀? Ohun tó wà láàárín ni tábìlì.”

Mo mọ ohun tó sọ yẹn tẹ́lẹ̀, àgbàlagbà wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ọmọ kankan rí láti oṣù kẹwàá. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kó ìwé ìdánwò wọn jáde, mo tún un kà. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo sọ fún àwọn ọmọ pé mo sáré kọ́ wọn ní ohun kan, pé a máa padà sẹ́yìn. Mo gba gbogbo rúlà wọn, mo kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló gbà wá.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọwọ́ nìkan. Ohun tí n kò fojú sí tẹ́lẹ̀ ni bí ọmọ ṣe ń gbé ọwọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á gbé ọwọ́ fò, á fi àyè sílẹ̀. Ẹlòmíràn á fi àtàǹpàkò gun ibi tí ọmọńdinrín ti kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ pé tí wọ́n bá fi máa dé ọwọ́ karùn-ún, ìka ti rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ náà ti há ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo fún wọn ní ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì: ọ̀kan ń na ọwọ́, èkejì ń fa ìlà sí ibi tí ọmọńdinrín dé, orí ìlà náà gan-an ni àtàǹpàkò máa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é dáadáa rọrùn. Mo ní kí ọmọ wọn tábìlì láti apá ọ̀tún sí òsì, kí ó tún wọ̀n ọ́n láti òsì sí ọ̀tún. Bí iye méjèèjì bá fi ọwọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ síra, ọwọ́ ti yọ̀ níbì kan.

Lọ́tẹ̀ yìí mo jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Èmi wọn tábìlì, ọwọ́ mẹ́fà ni. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 rí mẹ́jọ. Àwọn tí ọwọ́ wọn kéré ju tirẹ̀ lọ rí mẹ́jọ àti ààbọ̀, wọ́n rí mẹ́sàn-án. Àwọn ọmọkùnrin ló tú u. Wọ́n máa ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ńkì póòsì lójú títì ẹ́sítéètì nírọ̀lẹ́, òkúta méjì ni ojúlé, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wọn bó ṣe máa fẹ̀ tó. Ọ̀kan ní, “Àńtí, bí ẹlẹ́sẹ̀ ńlá bá wọn tiwọn, tí ẹlẹ́sẹ̀ kékeré wọn tiwa, tiwọn á fẹ̀ jù.” Mo bi í pé kí ni wọ́n máa ń ṣe. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wọn méjèèjì. Mo jókòó. N kò ní ohunkóhun láti fi kún un. Ọmọ ọdún méje ti dá ìdí tí rúlà fi wà sílẹ̀ lójú títì, kíláàsì mi nìkan ni kò tíì gbọ́.

Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n mo kíyè sí i lọ́sẹ̀ náà pé nígbà tí mo bá bi wọ́n ní Yorùbá, ìdáhùn wọn ń yàtọ̀. Bí mo bá ní, “Ó gùn tó ọwọ́ mélòó?” ohun tí a fi wọ̀n ọ́n ti wà nínú ìbéèrè, ọmọ kò lè dá nọ́ńbà nìkan sọ. Á ní ọwọ́ mẹ́jọ. Nígbà tí mo bá bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni gígùn rẹ̀, wọ́n á ní mẹ́jọ, wọ́n á dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, okùn. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rí ni pé okùn lè gbé gígùn láti ibì kan lọ sí ibòmíràn, láìsí nọ́ńbà kankan. Mo bi wọ́n bóyá tábìlì mi máa wọ àyè tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri lẹ́yìn kíláàsì. Wọ́n na òwú mọ́ orí tábìlì, wọ́n gé e, wọ́n gbé e lọ sẹ́yìn. Òwú náà wọ àyè náà, àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. A gbé tábìlì lọ, kò wọlé.

Òwú tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọdé ni mo rà ní ọjà Ajah, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ dára. Ó máa ń nà. Àwọn ọmọ fà á le nígbà tí wọ́n ń gé e, ó súnkì nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀. Tábìlì 120 wá di okùn 112, àyè ẹ̀yìn kíláàsì sì jẹ́ 115. Mo lọ ra okùn tí àwọn bíríkìlà máa ń na mọ́ ògiri kí búlọ́ọ̀kù lè lọ gbọọrọ. Ìyẹn kì í nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán okùn wò, kí ó gé e, kí ó fà á mọ́ rúlà, kí ó tú u sílẹ̀, kí ó tún wò ó. Bí ó bá súnkì, kò dára fún iṣẹ́ yìí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ gan-an. Wọ́n ní ọwọ́ mi ni kí gbogbo wa lò nítorí pé èmi ni Àńtí. Mo kọ̀. Wọ́n yan ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 15. A na ọwọ́ rẹ̀ sórí páálí, a gé páálí bó ṣe gùn tó, a sì gé irú rẹ̀ fún gbogbo wọn. Iye kan náà ni gbogbo kíláàsì wá rí fún tábìlì: mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà a tò ó sára okùn. Kókó ni mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n ta sí òpin ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ni, nítorí kókó ń jẹ okùn. Tí o bá fi máa ta mẹ́wàá, okùn náà á ti fẹ́ẹ̀ dín ní ọwọ́ kan. A tú u, a fi bírò sàmì dípò rẹ̀, a sàmì dé ọwọ́ méjìlá.

Mo wá ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára páálí tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn àmì náà. Gbogbo wọn ló lẹ 1 mọ́ orí okùn. N kò sọ nǹkan kan. Mo ní kí wọ́n fi okùn wọn tábìlì. Ó bọ́ sí 9. Mo ní, “Kí ni páálí sọ lánàá?” Wọ́n ní mẹ́jọ. Tábìlì kò gùn sí i lóru. Wọ́n wo okùn, wọ́n wo páálí. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ fi ọwọ́ àkọ́kọ́ hàn mí lára okùn.” Ọmọ kan fi ìka tọ orí okùn, ó dúró, ó sì fa ìka náà lọ títí dé àmì kejì. Ó ní, “Gbogbo eléyìí ni.” Wọ́n yọ nọ́ńbà wọn, wọ́n tún un lẹ̀. 1 bọ́ sí òpin ọwọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ orí okùn níbi tí kò tíì sí ọwọ́ kankan, ẹnì kan nínú wọn sì dá wọn lóhùn kí n tó la ẹnu: òdo. Àwọn ọmọ mẹ́fà tó kọ 9 nínú ìdánwò rí ibi tí ẹyọ kan ti lé lójú ara wọn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé orí okùn náà sọnù lójú wọn, láti òdo títí dé 3. Wọ́n kígbe pé mo ti bà á jẹ́. Mo ní kí wọ́n fi wọn tábìlì bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 3, ó parí ní 11. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ àyè tó wà láàárín àmì lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe àmì náà mọ́, wọ́n sì dé mẹ́jọ. Pẹ́ńsù inú ìdánwò ni wọ́n wọ̀n, wọn ò kàn mọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, tí mo dá rúlà wọn padà. Ó kù díẹ̀ láti tọ́ka sí: pé etí ike rúlà kì í ṣe òdo, òdo wà ní àmì àkọ́kọ́, pé ẹ̀gbẹ́ kejì, ti íńṣì, kò jẹ́ ti iṣẹ́ wa, a sì lẹ bébà bò ó. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n mọ rúlà kí wọ́n tó dì í mú. Okùn wọn ni, ọwọ́ tó wà lára rẹ̀ ló kàn kéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta mo tún fún wọn ní ìbéèrè pẹ́ńsù. Ogún ọmọ kọ 8, mẹ́rin kọ 9, méjì kọ 11. Ọmọ aránṣọ wà nínú àwọn ogún náà. Nígbà tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdáhùn rẹ̀ kí n má bàa rí i.

Àtúnṣe náà ná mi ní nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo fi padà sẹ́yìn ló yẹ kí n fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ owó àti àkókò, n kò sì kọ́ wọn tán. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nítorí àrùn Kòrónà. Mo kó ìwé àwọn ọmọ lọ sílé pé màá máàkì wọn.

Lákòókò ìsémọ́lé náà, mo ka ìwé kan tí obìnrin ọmọ Ọsirélíà kan, Helen Verran, kọ, tó jáde ní ọdún 2001. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ó sọ níbẹ̀ nípa ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ àwọn ọmọdé ní gígùn pẹ̀lú okùn. Verran ti ṣe àlàyé bó ṣe yẹ kí ẹ̀kọ́ náà lọ: kí ọmọ kọ́kọ́ rí gígùn bí ohun kan ṣoṣo tó nà lọ, kí a tó gé e sí ẹyọ-ẹyọ. Olùkọ́ náà yí i padà. Ó fi okùn wọn ìdúró ọmọ, ó ní kí wọ́n wé okùn náà mọ́ páálí kékeré kan, kí wọ́n ka iye ìgbà tó yí i, kí wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí wọ́n wá ro èyí tó ṣẹ́ kù mọ́ ọn. Mo dán an wò nílé. Páálí tó bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5 ló ń fúnni ní 10 ní ìyíká kan, nítorí pé okùn ń gba iwájú, ó tún ń gba ẹ̀yìn.

Ọ̀nà náà da Verran láàmú, lójú rẹ̀ ó dà bí ẹni pé olùkọ́ náà ti ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ náà ń ṣe yé wọn, wọ́n sì wọn ara wọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tó fi yé wọn, àti ohun tó wà nínú bí Yorùbá ṣe ń ka nǹkan tó mú kí ó rí bẹ́ẹ̀. Inú ìbéèrè yẹn ni ìwé rẹ̀ ti jáde. Mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé sílẹ̀. Ohun tó da òun láàmú, ó wádìí rẹ̀. Ohun tó da èmi láàmú, mo fi bírò pupa gé e.

Mo dìde, mo wá ìwé ọmọbìnrin náà láàárín àwọn tó wà nílẹ̀. Mo rí ojú ìwé oṣù kẹwàá: 9 àti ọwọ́, 2 àti ìka méjì, pẹ̀lú ìlà pupa mi. Ní ẹ̀yìn ìwé náà ni mo ti rí ohun tí n kò wá. Ní ọjọ́ kan tí a ya àwòrán, wọ́n na ọwọ́ wọn sórí ìwé, wọ́n sì fi pẹ́ńsù yí i ká. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀, tó nà gbalaja. Mo mú rúlà. Láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín, sẹ̀ǹtímítà 13. Mẹ́sàn-án rẹ̀ jẹ́ 117. Ó ku 3 kí ó pé 120. Mo wọn ìka méjì tó wà láàárín ọwọ́ náà pọ̀, wọ́n fẹ̀ tó 3. Pẹ́ńsù máa ń gba ìta ara kọjá, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ gan-an lè kéré sí ti inú ìwé díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ní rúlà nínú kíláàsì náà lọ́jọ́ yẹn tó wọn tábìlì mi dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ kò pé mọ́, ó wá ohun tó kéré sí i, ó fi wọn ìyókù. Ohun tí sẹ̀ǹtímítà ń ṣe lára mítà nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ, àfi bí ó ṣe ń wo ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, kò wá. Mo rìn dé ibi tí ẹ̀rọ ìyá rẹ̀ máa ń wà lẹ́bàá ọjà, ẹlòmíràn ti ń ta káàdì ìpè níbẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí wọ́n kó lọ.

Ìwé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, kí n tó jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan rúlà, mo máa ń ṣí i sí ojú ìwé yẹn fún ara mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló yẹ kí n bi í kí n tó mú bírò: kí lo fi wọ̀n ọ́n? Ó sì ti ya ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀ dè mí.